Lẹ́tà lórí igi àjà yàrá ńlá: ìdí tí 2 × 6 kò fi tó

Ìtọ́kò, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ 9 Oṣù Kẹfà, 2025

Bàbá wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, sà. Ẹ kú òjò yìí náà. Mo gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi, mo sì mọ̀ pé inú yín kò dùn pé mo ní kí kafíńtà dá iṣẹ́ àjà yàrá ńlá dúró. Ẹ ní ìrókò gidi ni ẹ rà. Ẹ ní ọkùnrin márùn-ún gun igi tí a kọ́kọ́ gbé sókè, kò ṣẹ́, kí ni mo tún ń wá? Ìwé ni mo fẹ́ fi dáhùn, kí ẹ lè jókòó ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Olùkọ́ ìṣirò ni yín, mo mọ̀ pé ẹ kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Kafíńtà kò parọ́, sà. Igi yẹn kò ní ṣẹ́. Yàrá náà jẹ́ mítà 4.2 láti ògiri dé ògiri. Bí a bá ka èèyàn àti ẹrù ilé sí kílò 150 lórí mítà kan níbùú lóròó, tí a fi kílò 50 kún un fún pákó ilẹ̀, ṣílíǹ àti igi fúnra rẹ̀, tí igi sì jìnnà sí ara wọn ní mílímítà 400, kílò 80 ló máa já sí orí mítà kọ̀ọ̀kan igi kan. Ẹ fi sínú èyí:

```
f = 6M / (b d²)           M = w L² / 8
δ = 5 w L⁴ / (384 E I)     I = b d³ / 12
```

f ni ìnira tí ẹrù ń fi sínú igi, δ ni bí àárín rẹ̀ ṣe tẹ̀ tó, M ni agbára tó ń tẹ̀ ẹ́, w ni kílò 80 yẹn tí mo kà sí 0.8 N/mm, E ni bí irú igi náà ṣe le sí títẹ̀ tó. b ni nínípọn igi, d ni gíga rẹ̀ bó ṣe dúró lórí ìhà tín-ínrín rẹ̀, L ni àlàfo láàárín ògiri méjèèjì. Fún 2 × 6, tí mo kà sí mílímítà 50 sí 150, f jáde ní 9.4 N/mm². BS 5268, ìlànà àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí igi ìkọ́lé tí mo ṣì fi ń ṣírò, gbà kí ìrókò tí a ṣà dáadáa gbé 12.5. Ó yege, àyè sì ṣẹ́ kù. Títí dé ibí, èmi àti kafíńtà ò jà.

Ìlà kejì ló dá ìjà sílẹ̀. Mo mú E ìrókò ní 10,000 N/mm². δ jáde ní mílímítà 23. Ìlànà kan náà ní kí igi àjà ilé gbígbé má tẹ̀ ju 0.003 àlàfo rẹ̀ lọ; tiwa nìyẹn ní mílímítà 12.6. Igi yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ tó ìlọ́po méjì iye tí a gbà.

Ẹ ó rí i pé kíkọ̀ láti ṣẹ́ àti kíkọ̀ láti tẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Nígbà tí àwọn ọkùnrin yẹn wà lórí igi, mo na okùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ínṣì kan lọ. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tán, ó padà sí ipò rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó wà lókè fi ní igi le, tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ sì rí i pé ó ń wọ́. Ìrókò ò ṣe ohun tí kò dára. Bí igi ṣe rí ni. Ẹ gbé pákó tó ṣẹ́ kù nínú ọgbà lé búlọ́ọ̀kù méjì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní àárín nígbà tó dùbúlẹ̀, kí ẹ wá fi ìhà tín-ínrín rẹ̀ dúró kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Igi kan náà ni, agbára kan náà, ìdúró rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ wà nínú ìlọ́po. Nínú f, gíga igi jẹ́ d². Nínú δ, d³ ni. Àlàfo sì burú jù: L² ló ń mú igi sún mọ́ ṣíṣẹ́, ṣùgbọ́n L⁴ ló ń mú un tẹ̀. Bí yàrá ṣe ń gùn, títẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé, tipẹ́tipẹ́ kí igi tó ronú àti ṣẹ́. Bí a bá fi 2 × 8 sí i, títẹ̀ rẹ̀ já sí mílímítà 9.7. A fi ínṣì 2 kún gíga, títẹ̀ sì dín ju ìdajì lọ. 2 × 7 á tẹ̀ ní 14.5, kò tó.

Ẹ bi mí lẹ́nu pé ṣé a ò lè so 2 × 6 méjì pọ̀. A lè so wọ́n: títẹ̀ á di 11.5, ó sì fi díẹ̀ wà lábẹ́ ààlà náà. Ṣùgbọ́n igi á di ìlọ́po méjì, nígbà tí 2 × 8 kàn fi ìdá kan nínú mẹ́ta igi kún un. Èmi ò lè fi owó yín ra igi tí ò ní iṣẹ́. Ti igi ẹkki tí ọ̀rẹ́ yín dá lábàá, ó le lóòótọ́, àmọ́ ó wúwo, ìṣó kì í wọ̀ ọ́ láìlu ihò, owó rẹ̀ sì ń lọ síbi tí gíga ti lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ohun kan ò sí nínú ìṣirò òkè yẹn. Igi tí ẹrù ń bẹ lórí rẹ̀ lọ́dún dé ọdún máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, pàápàá èyí tó ṣì tutù nígbà tí a kàn án mọ́. Ìwọ̀n tí a kà sí 23 lónìí lè tó 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ṣílíǹ POP tí ìyàwó yín fẹ́ nísàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ya, ilẹ̀kùn á máa há, ife á sì máa dún nínú àpótí nígbà tí ọmọ bá sáré kọjá. Àti àwọn ìwé yín, sà: ẹ jẹ́ kí a gbé àpótí wọn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí orí igi jókòó lé, kì í ṣe àárín.

Mo wọn àwọn igi àtijọ́ tí a yọ. Ikán ti jẹ orí wọn, ṣùgbọ́n gíga wọn jẹ́ ínṣì 9. Ẹni tó kọ́ ilé yìí ò mọ̀ δ, ó mọ iṣẹ́.

Àwọn 2 × 6 tí ẹ ti rà kò ní ṣòfò. Yàrá kékeré jẹ́ mítà 3. Níbẹ̀ títẹ̀ wọn kò ju mílímítà 6 lọ, ààlà rẹ̀ sì jẹ́ 9. Gbogbo wọn máa lọ síbẹ̀, èyí tó bá kù á di igi ìdáàárín láti so àwọn 2 × 8 pọ̀ kí wọ́n má yí. Ohun tí a máa ra ni 2 × 8 mẹ́wàá, gígùn wọn mítà 4.5, kí orí wọn lè wọ ògiri dáadáa. Ilé ìsàlẹ̀ á pàdánù ínṣì 2 ní gíga. Kò kan ilẹ̀kùn. Mo ti ní kí wọ́n kun orí igi pẹ̀lú òògùn ikán kí a tó tì í sínú ògiri.

Mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i kí kafíńtà tó kàn án mọ́, nítorí lẹ́yìn tí pákó ilẹ̀ bá ti wọlé, yíyọ rẹ̀ ló máa náni lówó. Ẹ lè fi ìwé padà ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ yín, tàbí kí ẹ pè mí ní alẹ́.

Èmi ni ẹnjinníà yín ní sáìtì Ìtọ́kò