Lẹ́tà sí Bàbá Ayọ̀mídé

Ìsẹ̀yìn,
Ọjọ́ 9, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2025.

Olówó orí mi, Bàbá Ayọ̀mídé,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Àwọn ọmọ wà dáadáa. Tolúwanimi ti ń jókòó láìfara ti nǹkan kan. Inú àpò gàrí tí mo fi rán awakọ̀ sí yín ni mo fi lẹ́tà yìí sí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti orí fóònù. Nígbà tí mo dá ọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí sílẹ̀ lọ́jọ́sí, ariwo àwọn tó ń po kankéré kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dópin, ẹ sì bi mí bóyá ọmọ yín ti sú mi í bí. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ọmọ yín kò sú mi. Ara mi ni mo ń bẹ̀rù.

Ẹ rántí pé oṣù mọ́kànlá ni Ayọ̀mídé wà tí mo fi lóyún Ìbùkún. Mo já a lẹ́nu ọmú nígbà tí kò tíì tó àkókò, ẹ̀yin lẹ sì ń gbé e yípo àgbàlá lóru tó ń ké. Ti Tolúwanimi ló wá le jù. Ẹsẹ̀ mi wú débi pé n kò lè tẹ maṣíìnì mọ́, mo dá aṣọ Iléyá àwọn oníbàárà padà láìrán. Ìfúnpá mi di 170/110, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi sùn sílé ìwòsàn. Àbújá lẹ wà, n kò sì sọ gbogbo rẹ̀ fún yín nígbà náà. Lálẹ́ ọjọ́ kan níbẹ̀, mo ń ka orúkọ àwọn ọmọ, mo ń ronú ta ni yóò bá mi tọ́ wọn. Bí oyún mìíràn bá tún dé báyìí, ẹ̀rù ń bà mí, ọkọ mi.

Mo ti lọ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí. Ó ní ó yẹ kí ọmọ tó wà nílẹ̀ pé ọdún méjì, ó kéré tán, kí ìyá rẹ̀ tó lóyún mìíràn. Ṣebí bí àwọn ìyá wa àgbà ṣe ń ṣe náà nìyẹn, wọn kì í sún mọ́ ọkọ títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú. Ṣùgbọ́n oṣù méjì méjì lẹ ń wálé. N kò fẹ́ kí ẹ ti ọ̀nà jíjìn dé kí n máa kẹ̀yìn sí yín lórí ẹní.

Èyí tí wọ́n ń fi sí apá ni mo fẹ́. Oògùn oníhóró máa ń fẹ́ kéèyàn rántí lójoojúmọ́, ẹ sì mọ̀ mí, àwọn kan nínú rẹ̀ kò sì dára fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ti abẹ́rẹ́, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èèyàn ń padà lọ tò. Nọ́ọ̀sì fi ọ̀kan nínú ti apá yìí lé mi lọ́wọ́ kí n wò ó: igi tín-ín-rín kan tó rọ̀, kò ju igi ìṣáná lọ ní gígùn. Wọn á fún èèyàn ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora, wọn á sì tì í sábẹ́ awọ apá, lápá ti inú. Mo ní kí wọ́n fi sí apá òsì, nítorí ọ̀tún ni mo fi ń gé aṣọ. Ọdún mẹ́ta ló ń lò. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó bá fi sára, kì í tó ẹyọ kan tó ń lóyún lọ́dún, kò sì ní dí ọmú Tolúwanimi lọ́wọ́.

Ẹ ní ìyàwó àbúrò yín ṣe é, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ. Òótọ́ ni. Nǹkan oṣù lè máa ségesège, ó lè má wá rárá, orí sì lè máa fọ́ni. Bí tèmi bá le jù, n ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, oyún lè dúró láìpẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣì fẹ́ ìkẹrin, Tolúwanimi yóò ti lé lọ́dún mẹ́ta, a ó jọ jókòó sọ ọ́, wọn ó sì kọ́kọ́ wo ìfúnpá mi.

Àwọn obìnrin kan ń ṣe é lẹ́yìn ọkọ. N kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín. Bí ẹ bá fọwọ́ kan apá mi lóru, ẹ ó bá a níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27 oṣù yìí, ni nọ́ọ̀sì ní kí n wá. Wọn ó kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ mi wò bóyá oyún wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè mí lálẹ́ Sunday, tí ẹ bá ti kúrò níbi iṣẹ́, kí a sọ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá lè wá kí ẹ bá mi lọ, inú mi yóò dùn gan-an.

Èmi ni,
Ìyá Ayọ̀mídé yín.