Àbọ̀ lórí Orí Kẹrin: Orin àti owó orí láàárín àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, 1946 sí 1949

Ìyá Ìbejì,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú wàhálà àwọn ọmọ. Mo ti ka Orí Kẹrin àpilẹ̀kọ yín tán, ojú ìwé 41 dé 72, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, mo kàn ń gbádùn rẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó mú báírò pupa. Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ já yín láyà nígbà tí ẹ bá rí ìwé náà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ìbéèrè ni, kì í ṣe ìbáwí. Èyí tí omi ta sí lójú ìwé 53, èmi kọ́, òrùlé ọ́fíìsì ni.

Máàkì tí mo fún un báyìí nìyí: ìjiyàn 18 nínú 40, ẹ̀rí 22 nínú 35, ètò 17 nínú 25. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 57. Mo mọ̀ pé ẹ ó fajú ro. Kò tíì wọ ìwé ẹnikẹ́ni, tiwa méjèèjì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi orí yìí síwájú àwọn olùdánwò bó ṣe wà, bóyá ni wọn ó fún yín tó bẹ́ẹ̀.

Ìjiyàn ni mo ti gba máàkì lọ́wọ́ yín jù. Gbólóhùn tí ẹ fi ṣílẹ̀kùn ni pé: "Orí yìí yóò wo ipa tí orin kó nínú ìjà owó orí ní Abẹ́òkúta." Ta ló fẹ́ bá yín jiyàn lórí ìyẹn? Kò sẹ́ni. Àkòrí nìyẹn, kò tíì di àbá. Ohun tó bá jẹ́ àbá, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lè dìde nínú yàrá kó ní irọ́ ni, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì ní àbá o! Ojú ìwé 66 ni ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, nínú ìpínrọ̀ kẹta, bí ẹni tọ́jú owó sábẹ́ ìrọ̀rí: "Orin ló sọ ọ̀rọ̀ owó orí di ọ̀rọ̀ bóyá ọba ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti pàṣẹ." Ibẹ̀ ni mo ti jókòó dáadáa. Odidi ojú ìwé 25 ni mo ti ń wá gbólóhùn yẹn. Ẹ gbé e wá sí ojú ìwé 41, kí gbogbo ohun tó kù máa ṣiṣẹ́ fún un.

Bí ẹ bá ti gbé e wá, àwọn tó máa bá yín jà á dé. Èkíní á ní ìyà ni kì í ṣe orin: ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà lásìkò ogun Hitler ti ń bí wọn nínú kí wọ́n tó kọ orin kankan. Èkejì á ní ìwé ẹ̀sùn ló ṣe é: Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ń kọ̀wé sí ìjọba, àti pé ní 1947 ni Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tó sì sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta á ní àwọn olóyè Ògbóni ni: ìgbà tí àwọn náà kẹ̀yìn sí ọba ní 1948 ni ìjókòó rẹ̀ mì. Gbogbo àwọn mẹ́ta yìí wà nínú orí yín, ẹ sọ wọ́n dáadáa pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ṣe ni ẹ ń kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń ka ẹrù ọjà. Ẹ ò bá ọ̀kankan jà. Ẹ sọ fún wa èwo ni orin lè ṣe tí ìwé ẹ̀sùn kò lè ṣe.

Èrò tèmi ni pé ìwé ẹ̀sùn bá Òyìnbó sọ̀rọ̀, orin sì bá ìlú sọ̀rọ̀. Ọba tí Òyìnbó sọ di aláṣẹ kan ṣoṣo, Òyìnbó nìkan ló lè gba àṣẹ náà padà lórí ìwé. Ẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ ọba, ìlú ló ń fún un. Nígbà tí obìnrin tó bí mẹ́fà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin Aké, tó ń fi orin bú ọba bí ọkùnrin ṣe jẹ́ ọkùnrin, tí kò sì sí ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́, kí ló kù nínú ọ̀wọ̀ náà? Ẹ má kàn gba èyí lẹ́nu mi kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o. Ẹ fi àwọn orin yín dán an wò. Bó bá já, ẹ jù ú nù.

Ibì kan ṣì wà tí ẹ sá fún. Ẹ parí orí náà pẹ̀lú bí Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, ṣe gbé adé sílẹ̀, ẹ wá fi orin ìṣẹ́gun tì í. Ọba náà padà wá sórí ìtẹ́ ní ìparí 1950! Kò sí gbólóhùn kan lórí èyí. Olùdánwò tó bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, ìyẹn ni yóò kọ́kọ́ bi yín, ẹ̀rín ni yóò sì máa rín bó ṣe ń bi yín. Bí orin bá ti já àṣẹ ọba gbà, báwo ni ọba ṣe padà? Mo rò pé ẹ ní èsì. Owó orí àwọn obìnrin kò bá a padà wá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, agbára aláṣẹ kan ṣoṣo kò sì bá a padà. Ọba padà, irú àṣẹ yẹn kò padà. Ẹ rí i pé ohun tí ẹ sá fún yìí gan-an ló lè gbè yín lẹ́sẹ̀ jù lọ? Àbá ojú ìwé 66 kò sọ pé orin lé ènìyàn kan lọ, ó ní orin yí ìbéèrè padà. Odidi ìpínrọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ lórí èyí.

Nígbà tí mo wà níbẹ̀, lójú ìwé 69 ẹ ní Aláké kúrò lórí ìtẹ́ ní 1947. Ìwọ́de ńlá ààfin ló wáyé ní ìparí oṣù kọkànlá 1947. Ó kúrò nílùú lọ sí Òṣogbo ní 1948, ó sì gbé adé sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Ó ju ọdún kan lọ tí àwọn obìnrin yìí fi wà lẹ́nu ìjà. Àṣìṣe ọjọ́ kan ṣoṣo ni, àmọ́ ó sọ ìfaradà wọn di ìṣẹ́jú kan.

Ó kan ẹ̀rí. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe nílé àkójọ ìwé àtijọ́ tó wà n'Íbàdàn wú mi lórí, àwọn fáìlì owó orí yẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kà fún ìgbádùn. Ibi tí ara ti ń fu mí ni orin kẹta àti ìyá àgbà Kémta.

Orin kẹta, ojú ìwé 57. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "A kò ní san owó orí tí a kò fọwọ́ sí." Mo gbé e sẹ́nu, mo gbìyànjú láti kọ ọ́ pẹ̀lú àtẹ́wọ́, kò ṣeé kọ. Ohùn ọ̀rọ̀ náà ń lọ sókè níbi tí orin yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, kò sí ìlà tí a lè gbè, kò sì sí obìnrin ọjà tó ń sọ pé "a kò ní" nígbà tí inú ń bí i. Mo wá wo àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ ojú ìwé: ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ti rí i. Ṣé ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Ẹnìkan gbọ́ orin ní Yorùbá, ó sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin náà tún dá a padà sí Yorùbá, ẹ wá ń ṣe ìtúpalẹ̀ ohùn àti àwítúnwí lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín hun. Ẹ lè lo ìtumọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ohun tí wọ́n sọ. Ẹ ò lè lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ yẹ orin mọ́kànlá tó wà níbẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fún òǹkàwé èwo ni ẹ gbọ́ lẹ́nu ènìyàn, èwo ni ẹ ti inú Gẹ̀ẹ́sì gbà padà. Bó bá ṣẹ́ ku márùn-ún, márùn-ún tó dájú tó wa.

Ìyá Kémta ńkọ́? Ẹ pè é ní "ẹni tó wà nínú ìwọ́de náà, tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀". Ẹni ọdún 84 ni nígbà tí ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní 2024. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọmọ ọdún méje ni ní 1947. Mi ò ní irọ́ ló ń pa. Ó ṣeé ṣe kó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú débẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orin tó kọ fún yín, ṣé ọjọ́ yẹn ló gbọ́ ọ, àbí ìdí agbada epo ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá? Méjèèjì ló wúlò. Ká tiẹ̀ ní ìdí agbada ni, ẹ̀rí pé orin náà kò kú lẹ́yìn ìjà nìyẹn, ó sì gbe àbá yín. Ẹ sáà pè é ní orúkọ tó ń jẹ́. Mo tún ṣàkíyèsí pé àwọn mẹ́fà tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, àárín Ìtòkú àti Kémta ni gbogbo wọn wà. Bí ẹ ò bá lè wá ìyá kan láti àwọn ìletò Ẹ̀gbá tó wà lẹ́yìn odi, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú gbólóhùn kan, ká lọ síwájú.

Lórí ètò, mi ò ní pẹ́. Ojú ìwé mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ lọ sórí 1830, Ṣódẹkẹ́, abẹ́ Olúmọ àti ogun Dàhómì 1851. Gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta ló fẹ́ràn láti sọ ìtàn yẹn, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ kí ni Olúmọ ń wá nínú orí tó ń sọ̀rọ̀ 1947? Ẹ kó wọn lọ sí Orí Kìíní. Èyí tó yẹ kó dúró ni ogun Adúbí 1918, nítorí ọ̀rọ̀ owó orí wà nídìí òun náà, gbólóhùn kan péré sì ni ẹ fún un. Ẹ fún un ní ojú ìwé kan ààbọ̀. Lẹ́yìn náà, orin àkọ́kọ́ kò yọjú títí di ojú ìwé 55 nínú orí tó ń jẹ́ orin. Bó bá jẹ́ tèmi ni, orin ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀: ìyá Kémta nínú àga rẹ̀, bí ẹ ṣe sọ ọ́ lójú ìwé 61, tó ń fi ọwọ́ lu orúnkún kó tó rántí ìlà kejì. Ìpínrọ̀ yẹn dára púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ kí àbá wọlé.

Àmì ohùn lórí àwọn orin kò pé, èyí kò ṣeé fara mọ́ nínú àpilẹ̀kọ ẹ̀ka Yorùbá. Ẹ wò ó kí ẹ tó tún un tẹ̀.

Ẹ má tún gbogbo rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ilé ìwé láàárọ̀ tí ẹ sì ń tọ́ ìbejì. Ẹ kọ́kọ́ kọ ojú ìwé méjì péré fún mi: àbá, àwọn mẹ́ta tó ń bá a jà, àti ohun tí ẹ ó sọ nípa 1950. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo wà ní ọ́fíìsì. Ẹ mú ohùn ìyá Kémta tí ẹ gbà sílẹ̀ dání wá pẹ̀lú, kì í ṣe èyí tí ẹ tẹ̀ sórí ìwé. Mo fẹ́ gbọ́ ibi tó ti mí kó tó gbé ìlà kejì.

Èmi ni,
Alábòójútó yín