Lẹ́tà sí Àwọn Ọmọ Olóògbé Lórí Ogún Bàbá Wọn

Ìbàdàn,
14 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé ó ti sú yín. Oṣù mẹ́sàn-án rèé tí a ti sin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò sì tíì rí kọ́bọ̀.

Orúkọ ló fa ìdádúró. Adébáyọ̀ ló wà nínú ìwé ìhágún, Báyọ̀ ló wà ní báńkì kan. Báńkì náà kọ̀ láti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí kóòtù gíga fi ń mọ iye owó olóògbé, àfi ìgbà tí mo lọ búra pé ẹnì kan náà ni. Láìsí fọ́ọ̀mù yẹn, kóòtù kò lè fún mi ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún náà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni báńkì tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà.

Ó wá ku owó kóòtù àti ìwé àṣẹ náà. Tó bá jáde, màá gba owó báńkì, màá san gbèsè ilé ìwòsàn, ₦640,000, kí n tó pín ìyókù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba owó ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀ Mọ́níyà ṣáájú ìgbà náà. Owó ayálégbé wà lọ́tọ̀. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí.

Bọ́lá, fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lé ọ kúrò nínú yàrá rẹ.

Èmi ni àbúrò bàbá yín,
Olúṣẹ́gun, alámòójútó ogún.