Orí Kẹta, Ìpín 3.6: Oko gẹ́gẹ́ bí Ipa Alábàápàdé nínú Ìtúpalẹ̀ Ìkórè Kòkó

Igi kòkó 336 ni mo so nọ́ńbà mọ́ lára, ṣùgbọ́n oko 14 péré ni mo lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì yìí ló bí gbogbo àlàyé tó wà ní ìpín yìí.

Oko méje wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní agbègbè Ìdànrè àti Ilé-Olújì. Méje yòókù wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láàárín Ilé-Ifẹ̀ àti Ifẹ̀tẹ̀dó. Nínú oko kọ̀ọ̀kan, mo fi okùn pààlà abala mẹ́rin: méjì lábẹ́ igi ńlá tó ṣíji bo kòkó, méjì níbi tí oòrùn ti ń wọlé dáadáa. Igi mẹ́fà ni mo mú nínú abala kọ̀ọ̀kan. Ìwúwo hóró gbígbẹ láti ara igi kọ̀ọ̀kan, ní gíráàmù, fún ìgbà ìkórè kan, ni mo wọ̀n. Igi wà nínú abala, abala wà nínú oko, bí ọmọ ṣe wà nínú ilé tí ilé sì wà nínú agbo ilé.

Bí ènìyàn bá bi ọmọ mẹ́fà inú ilé kan léèrè ohun tí wọ́n jẹ lálẹ́ àná, ìdáhùn mẹ́fà ló gbà, ṣùgbọ́n ìkòkò kan ṣoṣo ló bi léèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi inú oko kan. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ta gbòǹgbò sí, òjò kan náà ló pa wọ́n, ọwọ́ àgbẹ̀ kan náà ló ń ro wọ́n tó sì ń fín oògùn sí wọn. Nígbà tí ìkórè igi kan bá ga, ó ṣeé ṣe kí ti aládùúgbò rẹ̀ náà ga. Ìṣirò ìlà tààrà tí a sábà máa ń ṣe, èyí tí `lm` ń ṣe nínú R, gbà pé igi kọ̀ọ̀kan ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Níbí, kò rí bẹ́ẹ̀. Hurlbert fún àṣìṣe yìí lórúkọ láàárín àwọn onímọ̀ àyíká ní 1984. Àtúnwọ̀n ayédèrú ni èmi yóò máa pè é.

Ọ̀nà kan láti bọ́ nínú rẹ̀ ni kí n wá ìpíndọ́gba oko kọ̀ọ̀kan, kí n sì fi nọ́ńbà 14 ṣe gbogbo iṣẹ́. Kò burú, ó sì sàn ju ká ka igi 336 bí ẹni tí kò mọra wọn rí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín abala tó ní ìbòòji àti èyí tí kò ní, nínú oko kan náà, yóò pòórá, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo wá oko lọ gan-an nìyẹn. Módẹ́lì àdàlù ni mo yàn dípò rẹ̀. Ó gba irú ipa méjì sínú ìkòkò kan: ipa adúrósojúkan, tí iye rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo igi, àti ipa alábàápàdé, tí oko kọ̀ọ̀kan àti abala kọ̀ọ̀kan ń mú wá láti inú ọ̀pọ̀ irú wọn tó wà níta. Mo kọ ọ́ báyìí:

```
y_ijk = b0 + b1*ipinle_i + b2*ojo_ori_i + b3*iboji_oko_i
        + b4*iboji_yato_ij + b5*iyipo_ijk + u_i + v_ij + e_ijk
```

`y_ijk` ni ìkórè igi k nínú abala j ti oko i, `ojo_ori` ni ọjọ́ orí oko, `iyipo` sì ni ìyípo igi náà; ìbòòji méjèèjì ń bọ̀ nísàlẹ̀. `u_i` ni bí oko i ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù lẹ́yìn tí a ti yọ ohun tí a mọ̀ kúrò. `v_ij` ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún abala j inú oko náà. `e_ijk` ni ìyókù, ohun tó kù fún igi nìkan. Mo gbà pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé ìlànà pínpín Gauss, pé òdo ni ìpíndọ́gba wọn, àti pé wọn kò ní ìbátan pẹ̀lú ara wọn. Àwòrán ìyókù àti ti `u_i` kò tako èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oko 14 kéré láti fi bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí bí `u_i` ṣe pín.

Wọ́n bi mí nígbà tí mo gbé èròǹgbà iṣẹ́ yìí kalẹ̀ pé kí ló dé tí oko kò fi lè jẹ́ ipa adúrósojúkan. Mo ní ìdí méjì. Èkíní, n kò wá sọ ìtàn oko mẹ́rìnlá wọ̀nyí; inú àkójọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ ni mo ti ṣẹ́ kèké mú wọn, kí wọ́n lè ṣojú fún oko kòkó agbègbè náà. Bí mo bá tún kèké ṣẹ́, oko mìíràn ni yóò jáde. Èkejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí oko kọ̀ọ̀kan bá ní iye adúrósojúkan tirẹ̀, ọjọ́ orí oko kò ní ríbi dúró sí mọ́, nítorí gbogbo igi inú oko kan ní ọjọ́ orí oko kan náà. Iye oko yóò ti gbé e mì.

Ìpínlẹ̀ ńkọ́? Òun náà dà bí àpótí tí oko wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n méjì péré ni, ta ló sì lè fi nǹkan méjì wọn bí nǹkan ṣe ń fọ́nká tó? Ipa adúrósojúkan ni mo fi í ṣe, mi ò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ìbòòji ló gba àròjinlẹ̀ jù. Módẹ́lì yìí gbà pé `u_i` kò ní ìbátan pẹ̀lú ohun tí a fi ń ṣàlàyé ìkórè. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá lè fi igi ńlá sílẹ̀ nítorí kòkó rẹ̀ ń so bó ti wù kó rí. Àgbẹ̀ mìíràn lè gé gbogbo rẹ̀. Nígbà náà, ìbòòji àti ilẹ̀ yóò jọ máa rìn, módẹ́lì yóò sì gbé ẹ̀san ilẹ̀ fún ìbòòji. Ojútùú tí Mundlak dá ní 1978 ni mo lò: mo pín ìbòòji sí ìpíndọ́gba oko (`iboji_oko`) àti ìyàtọ̀ abala sí ìpíndọ́gba náà (`iboji_yato`). Èyí kejì ń fi abala wé abala nínú oko kan náà ni, nítorí náà ilẹ̀ tí oko jọ ní kò lè bà á jẹ́. Lórí rẹ̀ ni mo gbé ìdáhùn ìbéèrè ìwádìí mi lé.

Mo lo àkójọ `lme4`, pẹ̀lú `lmerTest` fún òmìnira ìṣirò, ìyẹn iye ẹ̀rí tó dá dúró tó wà lẹ́yìn iye kọ̀ọ̀kan; `eso` ni mo pe ìkórè nínú rẹ̀:

```
library(lmerTest)
koko$iboji_oko  <- ave(koko$iboji, koko$oko)
koko$iboji_yato <- koko$iboji - koko$iboji_oko
m1 <- lmer(eso ~ ipinle + ojo_ori + iboji_oko + iboji_yato +
             iyipo + (1 | oko/abala), data = koko)
```

Àmì `oko/abala` yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nínú ìwé oko mi, 1 sí 4 ni mo pe abala ní gbogbo oko. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ `(1 | oko) + (1 | abala)`, ẹ̀rọ rò pé abala 1 ní Ìdànrè àti abala 1 ní Ifẹ̀tẹ̀dó jẹ́ abala kan náà, ó sì ka abala mẹ́rin péré. Kò bú, kò kìlọ̀, ó kàn gbé èsì jáde. Ìlà yìí ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wò kó tó wo ohunkóhun mìíràn:

```
Number of obs: 324, groups:  abala:oko, 54; oko, 14
```

324 ló kù nítorí pé ẹni tó ni oko kẹsàn-án gé igi abala méjì kí ìgbà ìkórè tó parí. Mi ò yọ oko náà kúrò. Módẹ́lì yìí kò bèèrè pé kí gbogbo oko ní iye igi kan náà.

REML ni mo fi wọn ìfọ́nká, nítorí ọ̀nà ML lásán máa ń jẹ́ kó kéré ju bó ṣe yẹ lọ bí àpótí kò bá pọ̀. Níbi tí mo ti ń fi módẹ́lì méjì tí ipa adúrósojúkan wọn yàtọ̀ wéra nìkan ni mo ti padà sí ML.

Ìfọ́nká oko jẹ́ 2900, ti abala jẹ́ 1250, ti ìyókù jẹ́ 6100. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 10250. Igi méjì inú oko kan, ní abala ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, jọra tó 2900/10250, ìyẹn 0.28. Bí wọ́n bá tún wà ní abala kan náà, ó di 4150/10250, ìyẹn 0.40. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èyí ṣe sí ìpíndọ́gba ìkórè, bí gbogbo igi 336 bá pé:

```
2900/14 + 1250/56 + 6100/336 = 247.6
```

Gbòǹgbò ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 15.7, òun ni àṣìṣe ìwọ̀n. Bí mo bá ka igi 336 bí ẹni tí kò mọra wọn rí, 10250/336 ni ì bá jẹ́, tí àṣìṣe ìwọ̀n yóò sì di 5.5. Lédè mìíràn, fún ìbéèrè yìí, igi 336 mi kò tó ju igi 41 tó dá dúró lọ.

Ọjọ́ orí oko fi ewu rẹ̀ hàn. Iye rẹ̀ jẹ́ −3.1 gíráàmù fún ọdún kan. `lm` fún un ní àṣìṣe ìwọ̀n 0.7, p sì kéré ju 0.001 lọ, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò kọ ọ́ sókè pé oko tó ti dàgbà ń pàdánù ìkórè. Nínú `m1`, àṣìṣe ìwọ̀n di 1.9, òmìnira ìṣirò nípa ọ̀nà Satterthwaite sì sún mọ́ 10, nítorí oko ni a ń fi wé oko. Ààlà ìdánilójú 95% bẹ̀rẹ̀ láti −7.3 dé 1.1, p sì jẹ́ 0.13. Ẹ̀rí mi kò tó láti sọ pé ọjọ́ orí ń dín ìkórè kù, kò sì tó láti sọ pé kì í dín in kù.

Ìbòòji inú oko yàtọ̀. Òmìnira ìṣirò rẹ̀ sún mọ́ 39, nítorí abala ni a ń fi wé abala. Fún ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí ìbòòji bá fi pọ̀ sí i, ìkórè igi kan dín ní gíráàmù 6.2 (ààlà 95%: 1.1 sí 11.3). Mo gbìyànjú láti jẹ́ kí ipa ìbòòji yàtọ̀ láti oko dé oko pẹ̀lú `(1 + iboji_yato | oko)`. Ẹ̀rọ kọ `boundary (singular) fit`: abala mẹ́rin nínú oko kan kò tó láti fi wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo padà sí `m1`, mo sì kọ ìgbìdánwò náà síbí kí ẹni tó ń kà má bàa rò pé mi ò rántí rẹ̀.

Iye `u_i` tí mo tẹ̀ sí Orí Kẹrin kì í ṣe ìyàtọ̀ gangan tí a rí nínú oko. Módẹ́lì ti fà á sún mọ́ àárín. Bí oko tó ní igi 24 bá ga ju àárín lọ ní gíráàmù 90, módẹ́lì yóò fún un ní 75. Oko kẹsàn-án, pẹ̀lú igi 12, yóò gba 65 fún 90 kan náà. Ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ kò pọ̀, a kì í gba gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Bí mo bá ní láti tún iṣẹ́ yìí ṣe, mi ò ní wọn igi púpọ̀ sí i nínú oko wọ̀nyí. Igi 12 dípò mẹ́fà nínú abala kọ̀ọ̀kan yóò sọ àṣìṣe ìwọ̀n ìpíndọ́gba di 15.4 láti 15.7, lẹ́yìn tí a bá ti wọn igi 672. Igi 336 kan náà, tí a bá tan wọn ká oko 28 ní abala méjì méjì, yóò sọ ọ́ di 12.0. Owó ọ̀kadà tó gbé mi dé oko 14 ni kò jẹ́ kí n dé 28.