Lẹ́tà sí olùkọ́ kẹ́mísìrì lórí ìbéèrè kẹrin

Òpópónà Ọ̀dà,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ 17, Oṣù Kẹta, 2025.

Sí Olùkọ́ Kẹ́mísìrì,
Ìpele Kejì Sẹ́kọ́ńdìrì Àgbà.

Olùkọ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ bá mi tún máàkì ìbéèrè kẹrin wò

Mo kí yín, sà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú wàhálà wa. Mo mọ̀ pé ìwé tí ẹ máàkì fún ìdánwò àárín tàámù yìí kì í ṣe kékeré, torí kíláàsì tiwa nìkan lé ní ogójì ọmọ, kíláàsì mẹ́ta sì lẹ ń kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo tún gbé tèmi dé.

Ó wù mí kí n ti wá bá yín lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ẹ pín ìwé. Ṣùgbọ́n èrò ti pé lé tábìlì yín, àwọn kan sì ń fa ọ̀rọ̀ máàkì bí ẹni ń ná ata ní Ọjà Ọba. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tèmi dún bẹ́ẹ̀ létí yín. Nígbà tí mo délé tí mo ṣàlàyé fún bàbá mi, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ní ìṣirò nínú, kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ara bá rọ̀ yín. Ìdí lẹ́tà yìí nìyẹn.

Ìbéèrè kẹrin, tó dá lórí móòlù, ni. Ohun tó wà nínú ìwé ìbéèrè tí wọ́n fún mi ni pé: a da 100 cm³ háídírókílóríìkì ásíìdì, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1.0 mol/dm³, lé kálísíọ̀mù kábọ́néètì 10.0 g. Wọ́n ní kí a kọ ìdọ́gba ìṣesí náà, kí a wá iye móòlù ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sọ èyí tó máa kọ́kọ́ tán, kí a sì wá ìwọ̀n gáàsì CO₂ tó máa jáde ní s.t.p. Máàkì mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀: ọ̀kan, méjì, méjì, mẹ́ta. Mo gba méjì péré. Ẹ fún mi ní máàkì ìdọ́gba, ẹ fún mi ní ọ̀kan lórí iye móòlù, ẹ sì fa ìlà pupa sórí ìyókù. Ẹ kọ 2.24 dm³ sí ẹ̀gbẹ́ 1.12 dm³ tí mo kọ.

Ohun tí mo ṣe nìyí, sà:

CaCO₃ + 2HCl → CaCl₂ + H₂O + CO₂

Móòlù CaCO₃ = 10.0 ÷ 100 = 0.1 mol
Móòlù HCl = 1.0 × 100 ÷ 1000 = 0.1

Iye wọn dọ́gba. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà, torí mo rò pé bí méjèèjì ṣe jẹ́ 0.1 mol, wọ́n á jọ tán ni. Mo kọ 2.24 dm³ sílẹ̀. Tí ẹ bá wo ìwé mi dáadáa, ẹ máa rí i pé mo fi gègé fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Ohun tó jẹ́ kí n pa á rẹ́ ni nọ́ńbà 2 tó wà níwájú HCl nínú ìdọ́gba. Móòlù kan CaCO₃ ń fẹ́ móòlù méjì HCl. Kí 0.1 mol CaCO₃ tó lè tán pátápátá, ó gbọ́dọ̀ rí 0.2 mol HCl, bẹ́ẹ̀ 0.1 mol péré ló wà nílẹ̀. HCl ló máa kọ́kọ́ tán. Ìdajì rẹ̀, 0.05 mol, ni CO₂ tó máa jáde:

0.05 × 22.4 = 1.12 dm³

Ìlà tí mo fi ṣàlàyé pé HCl ló kọ́kọ́ tán kò sí láàárín ìwé, etí ìwé ni mo kọ ọ́ sí, ní lẹ́tà wínniwínni, torí àyè ti tán lẹ́yìn tí mo pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ kò rí i, sà. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀bi ìkọ̀wé mi ni, mo sì tọrọ àforíjì.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ mi ní ọgbọ́n tí mo fi pa 2.24 rẹ́. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ fi búrẹ́dì àti àkàrà ṣàlàyé fún wa? Ẹ ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ jẹun mú búrẹ́dì kan pẹ̀lú àkàrà méjì. Ẹ wá bi wá pé, tí búrẹ́dì mẹ́wàá àti àkàrà mẹ́wàá bá wà lórí tábìlì, ènìyàn mélòó ló máa jẹun? Èmi wà lára àwọn tó pariwo "Mẹ́wàá!" Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní márùn-ún ni, búrẹ́dì márùn-ún á sì wà nílẹ̀ láìsí àkàrà tí wọn yóò fi jẹ ẹ́. Ìyá mi ń dín àkàrà láràárọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, n kò sì lè gbàgbé rẹ̀ mọ́. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, CaCO₃ ni búrẹ́dì, HCl ni àkàrà.

Mo tún rántí ìkarahun ìgbín tí ẹ gbé wá sí láàbù. Ẹ ní kálísíọ̀mù kábọ́néètì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ ju ẹ̀rún kan sínú ásíìdì díẹ̀, ó hó ṣùù, ó hó títí, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ìkarahun ṣì wà ní ìsàlẹ̀ bíkà náà. Ẹ bi wá pé kí ló tán, a ní ásíìdì. Ẹ tún da ásíìdì díẹ̀ sí i, ìhó náà sì tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìbéèrè kẹrin ń sọ gan-an nìyẹn lójú tèmi: 5.0 g CaCO₃ á ṣẹ́kù sísàlẹ̀, yóò máa wá ásíìdì tí kò sí.

Nítorí pé mi ò fẹ́ fi àròsọ da yín láàmú, mo fi ọjọ́ Sátidé ṣe àyẹ̀wò mìíràn nílé. Mo fi ìwọ̀n ohun tó wọlé wé ti ohun tó jáde. CaCO₃ tó ṣiṣẹ́ jẹ́ 5.00 g, HCl jẹ́ 0.1 × 36.5, ìyẹn 3.65 g, àpapọ̀ wọn 8.65 g. Ní apá kejì, CaCl₂ jẹ́ 0.05 × 111, ìyẹn 5.55 g, omi 0.90 g, CO₂ 2.20 g. Àpapọ̀ wọn 8.65 g. Wọ́n bá ara wọn mu láìsí ohun kan tó sọnù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi 2.24 dm³ ṣe é, tí í ṣe 0.1 mol CO₂, mo nílò 7.30 g HCl, ìlọ́po méjì ohun tó wà nínú 100 cm³ yẹn. Mi ò rí ibi tí ìyókù ti máa wá.

Ohun kan wá sọ sí mi lọ́kàn, sà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ìtẹríba. Tó bá jẹ́ pé 200 cm³ ni ásíìdì náà, 2.24 dm³ ni ìdáhùn tó tọ̀nà gẹ́lẹ́, torí méjèèjì á jọ tán. Mo rò pé bóyá 200 cm³ ló wà nínú ìwé ìdáhùn tí ẹ fi ń máàkì, tí ẹni tó tẹ ìwé ìbéèrè sì fi 1 dípò 2. Mo so ìwé ìbéèrè tèmi mọ́ lẹ́tà yìí kí ẹ lè fi wéra. Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ ní i: a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Bí ẹ bá sì rí ibi tí èmi gan-an ti ṣe àṣìṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi hàn mí, torí mo ti wò ó títí, ojú mi lè ti fọ́ sí i.

Ní ti máàkì kan tí ẹ yọ lórí iye móòlù, ẹ ṣe é dáadáa. N kò kọ "mol" sí iwájú 0.1 ti HCl, ẹ sì ti kìlọ̀ fún wa pé nọ́ńbà tí kò ní ìwọ̀n kò ní orúkọ. Mi ò bèèrè èyí. Máàkì márùn-ún yòókù ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ tún wò, méjì lórí èyí tó kọ́kọ́ tán, mẹ́ta lórí ìwọ̀n gáàsì. Tí wọ́n bá tọ́ sí mi, 13 tí mo gba nínú 20 á di 18.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan tó wúwo lọ́kàn mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kọ 2.24 dm³, wọ́n sì gba máàkì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ wà lára wọn. Èmi kò kọ lẹ́tà yìí kí a lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, mo sì bẹ̀ yín kó má bọ́ sí bẹ́ẹ̀ nítorí mi. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n mọ̀ bóyá ọ̀nà tí mo gbà tọ̀nà, nítorí mo fẹ́ lọ ka ìmọ̀ oògùn ní yunifásítì, a sì máa kọ Wáẹ̀kì lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ṣi ìdíwọ̀n oògùn kà, aláìsàn ló máa san án. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti ń ṣiyèméjì lórí ohun tí mo rò pé ó ti yé mi yékéyéké.

Ọwọ́ mi dilẹ̀ ní ìsinmi ọ̀sán lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́bọ̀. Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn nínú méjèèjì, màá wá sí ọ́fíìsì yín. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí n dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá dúró, sà. Ìwé ìdáhùn mi, ìwé ìbéèrè àti bébà tí mo fi ṣe àyẹ̀wò ọjọ́ Sátidé wà nínú àpòòwé yìí.

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọmọ yín nínú ẹ̀kọ́,
Adéọlá