Ọ̀rọ̀ sí Jàmọ́à: Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Ò Gba Ààwẹ̀

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ará wa lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ramadánì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn kan ń wá bá mi ní ìdákọ́ńkọ́, tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jalè, torí pé dókítà ní kí wọ́n má gba ààwẹ̀. Ẹ ò jalè o. Súrà Bákárà, ẹsẹ 184 àti 185, dárúkọ aláìsàn àti arìnrìn-àjò nínú òfin ààwẹ̀ gan-an, Ọlọ́hun sì ní ìrọ̀rùn ni Òun fẹ́ fún yín, Òun ò fẹ́ ìnira.

Bí àìsàn yín bá jẹ́ èyí tó ń lọ, ẹ jẹun, ẹ lo oògùn yín, kí ẹ san ààwẹ̀ náà padà nígbà tí ara bá yá. Bí kò bá ní ìrètí pé yóò lọ, ẹ bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ rí dókítà kí oṣù tó lé. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín yí àkókò oògùn padà. Gígún ìka láti wo ṣúgà kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ 70 lórí ẹ̀rọ tó ń fi míligíráàmù kà á, tàbí tó kọjá 300, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀, ìbáà ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí oòrùn wọ̀.

Aláboyún àti abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú, tí ẹ̀rù ara yín tàbí ti ọmọ ń bà yín, ẹ jẹun. Ní ìlànà Màlíkì, aláboyún yóò san ọjọ́ rẹ̀ padà. Abiyamọ tó jẹun nítorí ọmọ yóò san án padà, yóò sì bọ́ tálákà. Kò pọn dandan kí ẹ san án tẹ̀léra. Àìṣátù, ìyàwó Ànọ́bì, máa ń sún tirẹ̀ títí di oṣù Ṣàbáánì.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ààwẹ̀ ń dá lágara, ẹ sinmi. Ẹ bọ́ tálákà bí agbára bá wà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fara pamọ́ jẹun nínú ilé tí àwọn fúnra wọn kọ́.

Arìnrìn-àjò lè gba ààwẹ̀, ó sì lè jẹun kó san án padà. Ánásì sọ pé nígbà tí àwọn bá Ànọ́bì rìnrìn-àjò, ẹni tó gbààwẹ̀ kì í bú ẹni tó jẹun, ẹni tó jẹun náà kì í bú ẹni tó gbà á. Ànọ́bì tún sọ pé ẹni tó ṣàìsàn tàbí tó wà lórí ìrìn-àjò, iṣẹ́ rere tó máa ń ṣe nígbà tó wà nílé tí ara rẹ̀ le ni a óò máa kọ sílẹ̀ fún un.

Nítorí náà, a kì í bi ara wa pé “ṣé ò ń gbààwẹ̀?” nínú jàmọ́à yìí.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, mo wà ní mọ́sáláṣí lẹ́yìn Alásárì lójoojúmọ́. Obìnrin tí ojú ń tì láti bá mi sọ ọ́, kó rí Ìyá Àdínì.

Ìmáámù yín.