Ọ̀rọ̀ Olórí Ọ̀dọ́ Lórí Ibi Tí A Ó Ti Ṣe Ọjọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àdúgbò

Alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ìyálọ́jà wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín kú ìjókòó. Ní ìpàdé tó kọjá, ẹ ní kí èmi àti akọ̀wé ọ̀dọ́ lọ yẹ ibi méjì wò fún ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí yóò wáyé ní Sátidé kẹta oṣù tó ń bọ̀, kí a sì wá jábọ̀. A ti dé ibi méjèèjì. Gbọ̀ngàn ilé ìwé girama tó wà níbí ní Èbúté Mẹ́ta ni a fara mọ́, kì í ṣe gbọ̀ngàn àríyá tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin àgbà fẹ́ràn ti Ìsàlẹ̀ Èkó, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú lásán. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, tìmùtìmù wà lórí àga, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń dán. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ni a fẹ́ ṣe, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ dáwó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni a fẹ́ fi kọ́ àwọn ènìyàn wa: títún fóònù ṣe, aṣọ rírán, àti bí a ṣe ń so sólà pọ̀ mọ́ bátìrì. Ojú ihò iná méjì péré ni a rí nínú gbọ̀ngàn náà, ẹ̀yìn pèpéle sì ni méjèèjì wà. Àwọn tábìlì rẹ̀ jẹ́ oníke róbótó. Nígbà tí mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti ọ̀kan, ńṣe ló ń mì. Ta ni yóò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé irú rẹ̀? Bákan náà, àwọn atúnfóònù-ṣe máa ń fi irin gbígbóná jo òjé mọ́ wáyà, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ènìyàn láti máa fà símú nínú ilé tí a ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa nítorí amúlétutù.

Ní ti ilé ìwé, fèrèsé gígùn wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ̀ngàn, kíláàsì mẹ́ta tí wọ́n yọ̀ǹda fún wa sì kọjú sí i, tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ní yàrá tirẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ kò sì ní dí àwọn tó kù lọ́wọ́. Tábìlì pákó tó nípọn ló wà níbẹ̀. Omi ń yọ nínú ilé ìyàgbẹ́. Mo ṣí ẹ̀rọ omi náà fúnra mi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló kù, òun ló sì wúwo jù lọ́kàn mi. Nínú 120 ènìyàn tó ti forúkọ sílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ń gbé ní Èbúté Mẹ́ta, Oyíngbò, Ìwáyà àti Mákòkó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ wa àti ti Erékùṣù Èkó, nítorí náà dáńfó ni ọ̀pọ̀ wọn yóò wọ̀ gba orí afárá Carter lọ sí Ìdúmọ̀tà, lọ́jọ́ Sátidé tí èrò ọjà àti ti òde àríyá máa ń pàdé lójú ọ̀nà. Ìyá ọlọ́mọ tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tó tún gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ dání, yóò ti rẹ̀ kó tó dé. Àwọn olùkọ́ wa tó ń bọ̀ láti Agége lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Agbádò wá, kí wọ́n sọ̀ ní Oyíngbò.

350,000 náírà ni a ní lọ́wọ́. Gbọ̀ngàn Ìsàlẹ̀ Èkó ń béèrè 280,000, láìka owó dísù. Ilé ìwé ń gba 60,000 fún àwọn agbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ, èyí tó kù yóò sì tó fún oúnjẹ ọ̀sán, aṣọ, òjé àti wáyà.

Kò yẹ kí n fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Fáànù méjì kò ṣiṣẹ́, òrùlé sì ń jò ní igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, a kò sì ní tẹ́ àga síbẹ̀. Iná ìjọba kò ṣeé gbára lé, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa ti gbà láti yá wa ní jẹnẹrétọ̀, a ó sì ra epo sí i.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé ní kí lẹ́tà wa tẹ òun lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Akọ̀wé ti kọ ọ́, ó wà lórí tábìlì yìí. Alága, mo bẹ̀ yín, bí ilé bá fara mọ́ ọn, kí ẹ fọwọ́ sí i kí a tó tú ká.